Bí a ṣe ń to ìwé sífíì olójú-ewé kan fún akẹ́kọ̀ọ́gboyè tí kò tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́gboyè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni ó máa ń ko ìṣòro méjì tí kò bára mu nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ ìwé sífíì. Wọn yóò ní àwọn kò tíì ṣiṣẹ́ rí, nítorí náà àwọn kò ní ohun tí àwọn lè kọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, yóò ti di ojú-ewé mẹ́ta. Bí a bá wo ojú-ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà dáadáa, a ó rí i pé ọjọ́ ìbí, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, eré tí ẹni náà fẹ́ràn àti orúkọ ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ó gba ibẹ̀ kan. Oṣù mẹ́fà tí ó fi kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ gidi kò gbà ju ìlà kan lọ, iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi gboyè kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí agbanisíṣẹ́ kò wá ni ó pọ̀ níbẹ̀, èyí tí ó ń wá ni kò rí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìwọ̀n ojú-ewé náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀, kí a tó ronú nípa ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sínú rẹ̀. Ìwé A4 tí gbogbo wa ń lò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 29.7, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21. Bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì sílẹ̀ lókè, nísàlẹ̀ àti ní etí méjèèjì, tí a lo lẹ́tà Calibri ní ìwọ̀n 11, tí a sì fi àlàfo àárín ìlà sí 1.15, nǹkan bí ìlà 47 ni yóò wọ inú ojú-ewé náà. Àwọn àkọlé àti àlàfo tí kò ní jẹ́ kí ìwé náà fún pọ̀ yóò gba nǹkan bí 12 nínú rẹ̀. Ìlà 35 ni ó kù fún ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́gboyè náà ni pípín ìlà 35 yìí: èwo ni yóò gba méje, èwo ni yóò gba ẹyọ kan, èwo ni kò sì ní gba nǹkan kan. Ohun tí ó yẹ kí ó darí ìpín náà ni pé kí ohun tí ó bá sún mọ́ iṣẹ́ tí à ń wá jù lọ gba ìlà tí ó pọ̀ jù, yálà wọ́n sanwó fún un tàbí wọn kò san.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́bìnrin kan kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí, ìyẹn maikirobáyọ́lọ́jì, ní yunifásítì kan ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, tí ó sì jáde pẹ̀lú sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ọ́pà. Ó lo oṣù mẹ́fà ní ilé-iṣẹ́ tí ń rọ omi mímu sínú ọ̀rá àti ike, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní áítíì. Omi inú ọ̀rá ni iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ dá lé. Ìpínlẹ̀ Bẹ́núé ni wọ́n rán an lọ láti sìnrú ìlú, níbi tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì. Ó ti ṣe akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wọn rí, ó sì máa ń bá ìyá rẹ̀ tajà nígbà ìsinmi. Iṣẹ́ tí ó ń wá báyìí ni ti òṣìṣẹ́ tuntun ní ẹ̀ka tí ń yẹ ọjà wò bóyá ó péye, ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ohun mímu ní Agbárá, ìpínlẹ̀ Ògùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ sífíì rẹ̀, nítorí òun ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń kà. Yorùbá ni èmi yóò fi sọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé wá.

Orúkọ rẹ̀ ni yóò wà lókè pátápátá, ní lẹ́tà tí ó tóbi tó 18 tàbí 20, láìkọ "sífíì" tàbí ohunkóhun mìíràn sórí rẹ̀, nítorí ẹni tí ó gba ìwé náà ti mọ ohun tí ó jẹ́. Lábẹ́ orúkọ, ìlà kan péré ni nọ́mbà fóònù, àdírẹ́sì ímeèlì àti ìlú tí ó ń gbé yóò gbà. Ìlú àti ìpínlẹ̀ ti tó. Nọ́mbà ilé àti orúkọ àdúgbò kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, sífíì sì máa ń dé ọwọ́ àwọn tí a kò mọ̀. Ìdí kan náà ni mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tí ó ń wáṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe kọ nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí nọ́mbà ìdánimọ̀ ti báńkì sínú sífíì láéláé. Àwọn gbájúẹ̀ tí ń fi ìkéde iṣẹ́ èké tan ọ̀dọ́ jẹ ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò sì sí agbanisíṣẹ́ tòótọ́ tí ó nílò rẹ̀ kí ó tó pe ènìyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Lẹ́yìn èyí ni ìlà méjì tí ó sọ ẹni tí ó jẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọ gbólóhùn tí gbogbo wa ti mọ̀ sórí, pé wọ́n ń wá ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìpèníjà, níbi tí wọn yóò ti fi ìmọ̀ wọn kún ìdàgbàsókè ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìròyìn lè kọ ọ́, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lè kọ ọ́, nítorí náà kò sọ nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀dọ́bìnrin wa yóò kọ ni pé òun gboyè nínú maikirobáyọ́lọ́jì, pé òun ti lo oṣù mẹ́fà ní yàrá àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ omi mímu, pé òun ti parí ìsìnrú ìlú, àti pé iṣẹ́ àyẹ̀wò ọjà ni òun ń wá. Nínú ìlà méjì yẹn, ẹni tí ń kà á ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta tí ó máa ń wà nínú ìkéde iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́gboyè: kí ni ó kọ́, ṣé ó ti sìnrú ìlú, ṣé ó ti fọwọ́ kan irú iṣẹ́ yìí rí? Orúkọ gba àyè ìlà méjì nítorí títóbi rẹ̀, nítorí náà a ti lo ìlà márùn-ún.

Ẹ̀kọ́ ni yóò tẹ̀ lé e, nítorí pé oyè, ipò tí a fi jáde àti ìsìnrú ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ya àwọn olùwáṣẹ́ sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Ìlà àkọ́kọ́ yóò sọ oyè náà àti ọdún tí ó gbà á. Ìlà kejì yóò sọ orúkọ yunifásítì, sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ọ́pà, àti jíípíì rẹ̀, bí àpẹẹrẹ 3.82 nínú 5.00. Ìlà kẹta yóò dárúkọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó kan iṣẹ́ náà gan-an, bí ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò inú oúnjẹ àti omi, kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó ṣe láti ọdún kìíní. Ìlà kẹrin ni ti ilé-ẹ̀kọ́ girama àti ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì, bí ìkéde náà bá béèrè fún ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá béèrè, a lè fi ìlà náà pamọ́ fún nǹkan mìíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní àyè nínú ìwé yìí.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé ọdún tí àwọn wọlé àti ọdún tí àwọn jáde kò bá ọdún mẹ́rin mu. Ẹni tí ó wà ní yunifásítì ìjọba ní ọdún 2022 mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, kò sì parí títí di oṣù Kẹwàá. Agbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà mọ èyí pẹ̀lú. Kò sí ìdí láti fi ìlà kankan ṣàlàyé rẹ̀. Ọdún tí a gboyè nìkan ti tó.

Ẹni tí ó jáde pẹ̀lú sẹ́kọ́ńdì kíláàsì lówà ní ìpinnu tí ó le ju èyí lọ láti ṣe. Èrò mi ni pé kí ó kọ ọ́. Bí kò bá kọ ọ́, ẹni tí ó mọ bí sífíì ṣe máa ń rí yóò ṣàkíyèsí àyè tí ó ṣófo, ó sì ṣeé ṣe kí ó rò pé ipò náà kéré ju bí ó ṣe rí lọ; ìwé ẹ̀rí yóò sì tú u síta nígbẹ̀yìn. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe ni pé kí ó gbé áítíì àti iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lọ sí òkè, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ wọn. Kò sí òfin tí ó ní dandan ni kí ẹ̀kọ́ ṣáájú.

Ní báyìí a ti dé ibi tí sífíì akẹ́kọ̀ọ́gboyè ti ń dára tàbí tí ó ti ń bàjẹ́. Kí àkọlé ibí yìí jẹ́ "Ìrírí", kí ó má ṣe jẹ́ "Iṣẹ́ tí mo ti ṣe", nítorí pé lábẹ́ "Ìrírí", áítíì, iṣẹ́ ìwádìí, ìsìnrú ìlú àti ọjà títà lè wà papọ̀ láìsí irọ́ nínú rẹ̀. Áítíì ni yóò ṣáájú lábẹ́ àkọlé yìí, òun ni yóò sì gba ìlà tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo ìwé náà, ìyẹn méje. Lóòótọ́, àṣà ni pé ohun tí a ṣe kẹ́yìn ni à ń kọ ṣáájú, ìsìnrú ìlú sì ni ó ṣe kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá pín ìrírí sí ọ̀nà méjì, tí a pe ti àkọ́kọ́ ní "Ìrírí ní yàrá àyẹ̀wò", tí a sì pe ti èkejì ní "Ìrírí mìíràn", áítíì àti ìwádìí yóò wà lókè láìda àṣà náà rú.

Ìlà kìíní áítíì yóò sọ ipò rẹ̀, ibi tí ó ti ṣe é, àti oṣù tí ó bẹ̀rẹ̀ sí oṣù tí ó parí. Kí ó kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ni òun. Àwọn kan máa ń sọ ara wọn di ọ̀gá ẹ̀ka níbi tí wọ́n ti ṣe áítíì. Ìpè fóònù kan ṣoṣo sí ilé-iṣẹ́ náà ni yóò tú àṣírí wọn, wọn kò sì ní gba ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú ìwé náà gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn ìlà yìí ni kókó mẹ́rin yóò tò, tí méjì nínú wọn yóò gùn dé ìlà kejì.

Kókó tí kò dára ni èyí tí ó sọ pé: "Mo ṣe oríṣiríṣi àyẹ̀wò, mo sì bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa." Ẹni tí ó kà á kò lè mọ ohun tí a ṣe. Kókó tí ó dára máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó máa ń dárúkọ ohun tí a ṣe iṣẹ́ náà sí, ó máa ń sọ iye rẹ̀, ó sì máa ń sọ ohun tí a lo èsì rẹ̀ fún. Fún ọ̀dọ́bìnrin wa, a lè ní mẹ́rin báyìí:

Wọn ìwọ̀n pH àti èròjà tí ó yọ́ sínú omi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, mo sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi ń pinnu bóyá kí wọ́n gbé ọjà jáde.

Ka iye kòkòrò inú omi tí a bù láti orí ẹ̀rọ, ó tó mẹ́wàá lọ́sẹ̀, lábẹ́ àbójútó ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò.

Fi ẹ̀rọ ooru pa kòkòrò ara àwọn ohun èlò ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀.

Ṣàkíyèsí pé èsì ẹ̀rọ pH ń yàtọ̀ láàárín àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, mo fi tó ọ̀gá létí, wọ́n sì tún ẹ̀rọ náà tò.

Ẹ wò ó bí kókó kẹrin ṣe yàtọ̀ sí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́ta yẹn sọ ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀kẹrin sọ pé ó máa ń fojú sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ka tí ń yẹ ọjà wò ń wá irú ojú bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fi hàn nípa kíkọ pé "ojú mi dá sí iṣẹ́".

Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé àwọn kò rántí irú iye àti irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí mọ́. Lọ́gíbúùkù áítíì ni ó yẹ kí wọ́n lọ wá. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe áítíì ni wọ́n fún ní ìwé yìí, wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gbà á padà, ìròyìn áítíì tí a kọ ní ìparí oṣù mẹ́fà yóò ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà tàbí nínú ímeèlì. Kí a jókòó tì í fún ìrọ̀lẹ́ kan, kí a fa ìlà sábẹ́ ohun gbogbo tí ó ní iye, orúkọ ẹ̀rọ tàbí orúkọ àyẹ̀wò nínú, lẹ́yìn náà kí a ṣa mẹ́rin tí ó bá ìkéde iṣẹ́ náà mu jù lọ. Iye tí a kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè ṣàlàyé lójú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, nítorí òun gan-an ni yóò bi wá léèrè. Bí a bá kọ pé a ka kòkòrò inú omi, kí a múra láti sọ bí a ṣe bu omi náà, ohun tí a gbìn ín sí àti iye wákàtí tí a fi dúró.

Iṣẹ́ ìwádìí yóò gba ìlà mẹ́rin. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ níbí ni pé àwọn ènìyàn máa ń ṣe àdàkọ àkọlé ìwádìí náà láti ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé àṣekágbá, àkọlé tí ó máa ń gùn tó ìlà méjì, wọn kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Kí a gé àkọlé náà kúrú, kí a sì sọ ohun tí a fi ọwọ́ wa ṣe. Ọ̀dọ́bìnrin wa lè sọ pé òun mú ọ̀rá omi 20 láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ márùn-ún, pé òun tọ́jú ìdajì sínú oòrùn àti ìdajì sí ibòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, pé òun ń ka kòkòrò inú wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun sì fi Excel ṣe ìtúpalẹ̀ èsì. Ìlà ìkẹyìn yóò sọ ohun tí ó rí ní gbólóhùn kan. Fún ilé-iṣẹ́ tí ń kó ohun mímu pamọ́ sínú ilé ìkẹ́rù kí wọ́n tó kó o lọ sí ọjà, ìwádìí yìí kò jìnnà sí iṣẹ́ wọn rárá, a kò sì lè retí pé kí wọ́n rí ìbátan náà fúnra wọn bí àkọlé nìkan ni a bá kọ.

Ìsìnrú ìlú yóò gba ìlà márùn-ún lábẹ́ "Ìrírí mìíràn": ìlà kan fún ipò, ilé-ẹ̀kọ́, ìpínlẹ̀ àti oṣù tí ó parí, ìlà mẹ́rin fún kókó mẹ́ta. Kò pọn dandan kí a díbọ́n pé iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣètò àyẹ̀wò báyọ́lọ́jì fún àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì, tí ó to ohun èlò fún kíláàsì ọlọ́mọ 40, èyíinì ni kí ó kọ́kọ́ kọ. Oṣù tí ó parí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gba ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí ìsìnrú ìlú tàbí ìwé ìdásílẹ̀ tí wọ́n fún ẹni tí ó ti lé ní 30 ọdún nígbà tí ó gboyè. Kí ẹni tí kò tíì lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì sọ ìgbà tí ó ń retí àtilọ.

Ipò akápò àti ọjà títà yóò pín ìlà mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ń tijú láti kọ ọjà títà ní ìsọ̀ ìyá wọn, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ láti kọ pé wọ́n fẹ́ràn ìwé kíkà àti ìrìn-àjò. Èmi yóò yan ìsọ̀ náà. Ẹni tí ó ń ka ọjà, tí ó ń kọ gbèsè oníbàárà sílẹ̀, tí owó tí ó kà nírọ̀lẹ́ sì bá ìwé mu, ti ṣe iṣẹ́ tí ó ṣeé kọ, kò sì ju ìlà kan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà mẹ́rin fún ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ó tò wọ́n ní ẹ̀yà mẹ́ta lórí ìlà tí ó kún: àwọn àyẹ̀wò yàrá, àwọn ohun tí ó mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àti àwọn èdè tí ó ń sọ. "Mo mọ kọ̀ǹpútà" kò sọ nǹkan kan; ṣùgbọ́n "mo lè fi Excel ṣe àròpọ̀, ìpíndọ́gba àti àtẹ ìlà" sọ ohun tí wọ́n lè dán wò. Ìràwọ̀ márùn-ún tàbí ọ̀pá tí wọ́n kùn dé ìdá mẹ́rin, tí àwọn àwòṣe kan máa ń lò láti fi ìmọ̀ hàn, kò dúró fún ìwọ̀n kankan tí ẹlòmíràn lè lóye, ó sì ń jẹ àyè.

Bí a bá ka gbogbo rẹ̀, ìlà 32 ni a ti lò. Mẹ́ta tí ó kù wà fún ohun tí ìkéde náà bá dìídì béèrè. Ibẹ̀ ni ọjọ́ ìbí lè wọlé bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ ẹni tí ó ju 26 ọdún lọ, tàbí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ pín ipò láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Bí wọn kò bá béèrè, a kò ní kọ wọ́n. Ẹ̀sìn, ìgbéyàwó àti fọ́tò kò ní ibì kankan láti wọ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí náà kò sí níbẹ̀, àní gbólóhùn tí ó sọ pé a ó mú wọn wá bí wọ́n bá béèrè kò sí níbẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá béèrè a ó mú wọn wá náà ni. Orúkọ wọn àti nọ́mbà wọn yóò wà lórí ìwé ọ̀tọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Títò ìlà lójú-ewé kò ṣòro bí a bá fi ọwọ́ kan ṣe é. Irú lẹ́tà kan ṣoṣo ni kí a lò, kí àkọlé jẹ́ 12 ní dúdú kirikiri, kí déètì wà ní etí ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ máa ń tẹ bọ́tìnnì àlàfo léraléra kí déètì tó dé etí yẹn, yóò sì dọ́gba lójú kọ̀ǹpútà wọn, ṣùgbọ́n yóò wọ́ ṣégeṣège tí wọ́n bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bọ́tìnnì Tab ni kí a lò, kí a sì fi ibi tí yóò dúró sí 17 sẹ̀ǹtímítà, apá ọ̀tún, ìyẹn fífẹ̀ ìwé náà lẹ́yìn tí a yọ etí méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣàn sí ojú-ewé kejì, kí a má ṣe kọ́kọ́ dín lẹ́tà kù. Kí a wá àwọn kókó tí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì péré nínú wọn wà lórí ìlà kejì. Bí a bá gé ọ̀rọ̀ díẹ̀ kúrò nínú kókó márùn-ún bẹ́ẹ̀, a ti rí ìlà márùn-ún gbà. Bí kò bá tíì tó, kí a yọ kókó tí ó jìnnà sí iṣẹ́ náà jù lọ. Àlàfo etí lè dín kù dé sẹ̀ǹtímítà 1.5, lẹ́tà kò sì gbọ́dọ̀ kéré ju 10.5 lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ni yóò kà á lójú fóònù.

Kí a yẹra fún àwòṣe alápá méjì tí ó kún fún àwọ̀ àti àpótí, ó sì ní ìdí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan àti àwọn ojú-òpó ìwáṣẹ́ ń lo ètò kọ̀ǹpútà láti fa ọ̀rọ̀ jáde nínú sífíì kí ènìyàn tó rí i. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nínú àpótí tàbí ní apá méjì, ètò náà lè ka ìlà apá òsì pọ̀ mọ́ ti apá ọ̀tún, kí nọ́mbà fóònù sì bọ́ sí àárín orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. A lè dán tiwa wò ní ìṣẹ́jú kan: kí a ṣí fáìlì PDF náà, kí a tẹ Ctrl+A àti Ctrl+C, kí a sì lẹ ohun tí a kó sínú Notepad. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde létòlétò láti orí orúkọ dé ìlà ìkẹyìn, ó dára. Bí ó bá dàrú, a ó tún un tò. Bí kò bá sí ohun kankan tí ó jáde, a jẹ́ pé àwòrán ni fáìlì náà, bí irú èyí tí àwọn kan máa ń fi fóònù yà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kò sì yẹ kí a fi ránṣẹ́.

Bí ọ̀dọ́bìnrin yìí kan náà bá fẹ́ wá iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, kò ní kọ sífíì tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìsìnrú ìlú yóò gòkè, yóò gba ìlà méje, pẹ̀lú kíláàsì tí ó kọ́, iye ọmọ àti ohun tí ó ṣe fún wọn; áítíì yóò wá sílẹ̀ sí ìlà mẹ́ta; ìwádìí yóò di ìlà kan lábẹ́ ẹ̀kọ́; ìlà méjì òkè yóò sọ pé olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni. Nípa bẹ́ẹ̀, fáìlì méjì ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ wọn lè jẹ́ `Oruko_Idile_CV_Lab.docx` àti `Oruko_Idile_CV_Teacher.docx`, láìsí àmì ohùn nínú wọn, nítorí àwọn ojú-òpó kan kì í gba irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú orúkọ fáìlì. Inú Word ni yóò ti máa ṣe àtúnṣe, PDF tí ó bá sì yọ láti inú rẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ tí kò ní ọ̀rọ̀ yàrá àyẹ̀wò tàbí olùkọ́ nínú, kí ẹni tí ó gbà á má baà mọ̀ pé òmíràn wà nílé.